Éékà 40 tó di 28: bí mo ṣe ka àwòrán oko kan lọ́nà Ìsẹ́yìn

Bàbá tó ni oko yìí kò pè mí nítorí àwòrán. Ajílẹ̀ ló mú wọn pè mí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ra irúgbìn àti ajílẹ̀ éékà 40, àgbàdo tó ń wọlé kò sì jọ ti éékà 40 rárá. Wọ́n ti fura sí àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ti pààrọ̀ irúgbìn, wọ́n ti bá ẹni tó ń fi katakata túlẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Ọmọ wọn obìnrin, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ kàwé, ló sọ fún wọn pé òun mọ ẹnìkan ní Ìbàdàn tó máa ń wo oko láti òkè. "Láti orí igi ni àbí láti inú bàálù?" ni Bàbá bi í. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n na ìwé sọ́fè wọn sí mi, wọ́n ní, "Injiníà, bá mi wá ibi tí àgbàdo mi ń gbà lọ."

Lọ́nà Ìsẹ́yìn ni oko náà wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Ilẹ̀ rẹ̀ rọra dà láti àríwá wá sí gúúsù, odò kékeré kan tó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ìwé sọ́fè sọ pé hẹ́kítà 16 ni, ìyẹn éékà 39 àti ààbọ̀. Éékà 40 tí Bàbá ń pè é kì í ṣe irọ́. Ohun tí a kò mọ̀ ni iye tí àgbàdo wà lórí rẹ̀ ní tòótọ́.

Àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 ni mo lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń kọjá lórí oko kan náà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹ má retí pé ẹ máa rí ewé tàbí ebè nínú rẹ̀. Àwòrán náà jẹ́ àkójọ àwọn igun mẹ́rin kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dúró fún ilẹ̀ mítà 10 ní ìbú, mítà 10 ní òró. Gbogbo ohun tó wà nínú mítà 10 yẹn, ìbáà jẹ́ àgbàdo, èpò tàbí ọ̀nà ẹsẹ̀, àwọ̀ kan ṣoṣo ni sátẹ́láìtì máa fi ròyìn gbogbo wọn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: píksẹ́lì 100 jẹ́ hẹ́kítà kan, nǹkan bí 40 sì jẹ́ éékà kan. Oko Bàbá, nígbà náà, jẹ́ píksẹ́lì 1,600.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo ṣe é sódì, díẹ̀ ló sì kù kí n fi dá ìjà sílẹ̀. Mo ka àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ píláà kọ̀ọ̀kan lórí ìwé sọ́fè, mo tẹ̀ wọ́n sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe máàpù, mo sì gbé ààlà tó jáde lé orí àwòrán. Ààlà náà ré odò kọjá, ó wọ inú oko kàṣú aládùúgbò wọn. Bàbá ń wo kọ̀ǹpútà láti ẹ̀yìn mi. Wọ́n dìde dúró. "Mo ti sọ! Mo ti ń sọ ọ́ láti ọdún wo pé ọkùnrin yẹn ti jẹ wọ inú ilẹ̀ mi!" Wọ́n ti ń wá bàtà wọn.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó ná, nítorí pé ohun kan kò bá ara mu. Ẹni tó ya sọ́fè náà ya odò sí i. Bí aládùúgbò bá jẹ wọ ilẹ̀ ẹni, ẹ̀gbẹ́ kan ni ààlà yóò ti yẹ̀, odò kò ní bá a yẹ̀. Níhìn-ín, odò orí ìwé náà ti kúrò lórí odò inú àwòrán. Oríta tó wà ní igun òkè ti yẹ̀ bákan náà. Mo fi ìwọ̀n inú QGIS wọn ìyẹ̀ náà níbi mẹ́ta: gbogbo rẹ̀ lé ní 100 mítà, gbogbo rẹ̀ sì kọrí sí gúúsù-ìlà-oòrùn. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá yẹ̀ síhà kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, ilẹ̀ kọ́ ló yẹ̀, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ni.

Ohun tó fà á nìyí. Àwọn sọ́fè àtijọ́ ní Nàìjíríà, ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Minna ni wọ́n fi ń wọn wọ́n. Sátẹ́láìtì àti fóònù wa ń lo ìpìlẹ̀ míì tí wọ́n ń pè ní WGS 84. Nọ́ńbà kan náà lórí ìpìlẹ̀ méjèèjì kì í tọ́ka sí ojú ilẹ̀ kan náà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni QGIS fi ń mọ ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan: mo ti fi EPSG:32631 sílẹ̀ fún un, èyí tó jẹ́ ti WGS 84, nígbà tó yẹ kí n sọ fún un pé EPSG:26331 ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn, ìyẹn Minna ní ẹkùn 31. A kọ "Minna" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí igun ìsàlẹ̀ ìwé náà, lábẹ́ òǹtẹ̀ níbi tí àwọ̀ ti ṣá. Bí mo ṣe tún un ṣe, odò bọ́ sórí odò, oríta bọ́ sórí oríta, ààlà sì jáde kúrò nínú oko kàṣú. Bàbá bọ́ bàtà. Inú wọn kò dùn tó bí mo ṣe rò.

Láti ìgbà náà, ń kì í gbé ààlà lé àwòrán lójú ẹni tó ni ilẹ̀ tí mi ò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ààlà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwòrán onímítà 10 kò lè fi ààlà ilẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Pèrègún ni wọ́n fi pààlà láàárín Bàbá àti oko kàṣú, ọ̀wọ́ pèrègún kò sì fẹ̀ tó mítà kan. Ohun tí àwòrán ń fi hàn ni ibi tí irúgbìn kan parí sí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn píksẹ́lì etí oko jẹ́ àmúlùmálà, ìdajì àgbàdo, ìdajì kàṣú. Oko yìí fẹ̀ tó mítà 320, ó gùn tó mítà 500, bí èèyàn bá sì rìn yí i ká, mítà 1,640 ni. Nǹkan bí píksẹ́lì 164 ló wà létí nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo oko. Nínú oko ńlá, a lè fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní éékà kan péré, píksẹ́lì 40 ni gbogbo oko rẹ̀, bí 25 nínú wọn ló sì máa wà létí. Ẹni tó bá fi irú àwòrán yìí wọn éékà kan fún ọ, àfojúbù ló ṣe.

Fún etí oko, mo ṣí àwòrán Google Earth, tí èèyàn ti lè ka orí igi níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ọ̀wọ́ igi tíìkì tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Èèyàn kàn gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ọ̀hún, torí ó lè ti pé ọdún mẹ́ta. Kó sì rántí pé orí igi kì í ṣe ìdí igi: tíìkì tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà mẹ́jọ, tó dúró sórí ààlà, á bo mítà mẹ́rin nínú oko mọ́lẹ̀.

Ó wá ku àgbàdo. Ewé tútù máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, ó sì máa ń da ìmọ́lẹ̀ míì, tí ojú èèyàn kò rí, padà sókè gan-an. Sátẹ́láìtì rí méjèèjì. B4 ni ó pe ti pupa, B8 ni ó pe ti èkejì. Bí a bá yọ wọ́n kúrò nínú ara wọn, tí a sì pín in, nọ́ńbà kan á jáde fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo kọ sínú ẹ̀rọ ìṣirò QGIS kò ju báyìí lọ:

```
("B8@1" - "B4@1") / ("B8@1" + "B4@1")
```

NDVI ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yìí. Ilẹ̀ tí kò sí ewé lórí rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 0.1 sí 0.2, àgbàdo tó ti bo ilẹ̀ dáadáa á lé ní 0.7. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò mọ àgbàdo. Ewé ló mọ̀. Oko tí èpò ti bò mọ́lẹ̀ lè ní nọ́ńbà tó wuyì ju oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n gbìn, ọjọ́ tí wọ́n ro ó, àti bóyá ẹ̀gẹ́ wà láàárín rẹ̀. Bàbá ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ni àwọn gbìn, kò sí ẹ̀gẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn sì ro ó kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òpin oṣù kẹsàn-án ni mo nílò, nígbà tí àgbàdo yóò ti pé bí ọ̀sẹ̀ méje, tí kò sì tíì máa gbẹ.

Ibẹ̀ ni ìyà wà. Láti oṣù kẹfà dé ìkẹwàá, nǹkan bí ìgbà 30 ni sátẹ́láìtì náà kọjá lórí oko, àwòrán mẹ́ta péré ni ìkuukùu kò bò. Ọ̀kan bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ìkuukùu ṣì wà lórí oko aládùúgbò. Àbàwọ́n dúdú kan wà nínú oko Bàbá tó jọ ibi tí omi dúró sí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí kòlóbó-kòlóbó bá ìkuukùu tó wà níhà ìlà-oòrùn rẹ̀ mu wẹ́kú. Nǹkan bí aago 11 àárọ̀ tiwa ni sátẹ́láìtì yìí máa ń kọjá, oòrùn ṣì wà níhà ìlà, nítorí náà òjìji ìkuukùu máa bọ́ síhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Mo fi àwòrán míì, tó fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, dí ojú ibẹ̀.

Nígbà tí mo ka àwòrán yìí tán, àgbàdo tó dára gba ibi tó pọ̀, àmọ́ ibi méjì kọ mí lóminú. Ọ̀kan wà láàárín oko, ó rí bí ẹyin. Ìkejì jẹ́ ìlà gbọọrọ níhà ìsàlẹ̀, ní òkè odò díẹ̀. NDVI méjèèjì jẹ́ bí 0.4, nígbà tí àyíká wọn lé ní 0.7. Lójú àwòrán kan ṣoṣo, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tó bá yára á kọ "omi" sórí méjèèjì.

Omi ló yẹ kí n wá, mo sì kọ́kọ́ lọ wò ó nínú Sentinel-1, sátẹ́láìtì tó ń lo réédà, tí ìkuukùu kò dí lójú. Omi tó tẹ́jú lójú gbangba máa ń dúdú nínú réédà, nítorí pé ìtànṣán tó bá kàn án á ta lọ síbòmíì, kò ní padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. N kò rí dúdú kankan ní gbogbo oṣù kẹsàn-án. Bàbá sì sọ pé omi kan àwọn dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú ìlà ìsàlẹ̀ yẹn! Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Nígbà tí pòròpórò bá dúró nínú omi, ìtànṣán á kan omi, á kan igi àgbàdo, á sì padà sókè, ibẹ̀ lè mọ́lẹ̀ pàápàá. Réédà dára fún àkúnya tó bo oko mọ́lẹ̀. Omi abẹ́ àgbàdo jẹ́ nǹkan míì.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé mo fi oṣù kẹsàn-án sílẹ̀, mo lọ wo àárín oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ti mú, tí wọ́n ti kórè, tí gbogbo ilẹ̀ ti pọ́n. Ilẹ̀ tí omi sún mọ́ òkè nínú rẹ̀ kì í tètè gbẹ. Koríko á ṣì máa hù níbẹ̀ nígbà tí ti ibòmíràn bá ti kú. Ìlà gbọọrọ ìsàlẹ̀ yẹn tutù yọ̀yọ̀ nínú àwòrán oṣù kìn-ín-ní, bí ẹni da àwọ̀ ewé sí i. Èyí tó rí bí ẹyin ní àárín oko pọ́n bíi ti àyíká rẹ̀, ó tilẹ̀ tún mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ. Ibi tó rù nígbà òjò tó sì tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ibi tó rù nígbà òjò tó tún gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan míì ló wà nídìí rẹ̀.

Àwòrán oṣù kìn-ín-ní ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Létí odò, níhà ìwọ̀-oòrùn, ibì kan dúdú kirikiri. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ mọ́ ilẹ̀ tí omi rin kí n tó rántí àsìkò tí a wà: àwọn ọdẹ ti ń sun igbó. Eérú àti ilẹ̀ tútù jọra nínú B8, dúdú ni méjèèjì. B12, ìmọ́lẹ̀ míì tí ojú èèyàn kò rí, ló máa ń yà wọ́n, nítorí pé omi ń gbé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mì, ilẹ̀ tó jóná sì ń dá a padà. Mo wo B12: ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Iná ni. Píksẹ́lì B12 tóbi, mítà 20 ní ìbú àti òró, kò ṣeé fi wọn nǹkan kékeré, àmọ́ ó tó láti mọ iná yàtọ̀ sí omi.

Mo gba oko náà lọ lórí ọ̀kadà, mo gbé fóònù, ọkọ́ àti okùn mítà 10 dání. Ní ẹ̀yìn ìkórè, kùkù àgbàdo ṣì wà nílẹ̀, mo lè kà á. Bàbá ń gbìn ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 25, irúgbìn kan ní ihò kan, nítorí náà ó yẹ kí kùkù 533 wà nínú píksẹ́lì kan. Níbi tó dára, mo ka 488. Nínú ìlà ìsàlẹ̀, mo ka 190, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Mo gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dé ìwọ̀n ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀ eérú-eérú ló jáde, tòun ti tóótòòtó pupa bí ìpẹtà irin. Ibi tí omi ti ń wá tó ń lọ lọ́dọọdún ni ilẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ní àárín oko, ọkọ́ kò wọlé tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tó fi ró gbàn-án. Yangí ni. Òjò ń rọ̀ sórí rẹ̀, kò rí ibi dúró.

Mo jókòó sórí òkúta kan níbẹ̀, mo wá rí i pé yangí yìí àti omi ìsàlẹ̀ bá ara tan. Omi òjò tó wọlẹ̀ lókè kò lè la yangí kọjá, ó ń gba orí rẹ̀ ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ títí tí yóò fi dé ibi tí ilẹ̀ ti dà, tí á sì sun jáde. Ìdí nìyí tí omi fi wà lókè odò, tí kì í ṣe létí odò gan-an. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbẹ́ kòtò láti fà á, òkè ìlà náà ló yẹ kó gbẹ́ ẹ sí, ní ìdábùú ilẹ̀, kó lè gba omi mú kó tó sun jáde. Kòtò àárín àbàtà kò ní ju kòtò olómi lọ. Èyí kò sí nínú àwòrán. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò lè fi ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń fúnni ṣe kòtò, nítorí pé ó lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, bẹ́ẹ̀ kòtò ò ju ìdajì mítà ní ìjìn lọ. Rọ́bà funfun olómi tí bíríkìlà fi ń wo ìpele ògiri la lò.

Iye tó jáde nìyí: àgbàdo tó dára, píksẹ́lì 1,130, igbó, tíìkì àti ibi tí iná jó, 210, omi, 150, yangí, 110. Àgbàdo tó dára jẹ́ hẹ́kítà 11.3, ìyẹn éékà 28. Bàbá ń ra ajílẹ̀ éékà 40. Ti omi ni mi ò lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlà tín-ín-rín ni, etí rẹ̀ pọ̀ ju inú rẹ̀ lọ, hẹ́kítà 1.2 sí 1.8 ni mo kọ fún wọn. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ rìn ín ká pẹ̀lú fóònù, 1.4 ló jáde.

Mo tẹ máàpù náà sórí ìwé, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n fi ìka tọ ìlà tútù ìsàlẹ̀ yẹn láti òpin dé òpin. Mo ti ń ṣàlàyé ibi tí kòtò yóò gbà, wọ́n dá mi lẹ́kun.

"Kòtò kẹ̀? Ibi tó tutù báyìí nínú ọyẹ́, o ní kí n fà á gbẹ? Àkùrọ̀ mà nìyí."

Wọ́n pe ìyàwó wọn, wọ́n fi hàn án. Ìyá náà wò ó, ó béèrè bóyá omi ibẹ̀ tó gbin ata àti ewédú títí oṣù kẹta. Mo ní àwòrán òpin oṣù kejì ṣì fi ewé hàn ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, ti oṣù kẹta ni ọyẹ́ ba ojú rẹ̀ jẹ́. Wọ́n pín ibẹ̀ sí ebè níwájú mi. Wọ́n fi yangí sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Éékà 28 ni wọ́n ra ajílẹ̀ fún lọ́dún yìí, Bàbá sì ti ní kí n wá bá àwọn gbé ààlà wo lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá oko kàṣú yẹn kò tiẹ̀ fi mítà kan péré wọlé.